Ẹ Má Lọ̀ Ọ́: Bí Ọ̀rọ̀ Yorùbá Kan Ṣe Di Nọ́ńbà Lára Fíríìjì Wa

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ṣẹlẹ̀ nínú ilé mi ní Houston níbí tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́, nítorí mo mọ̀ pé irú rẹ̀ lè wọ ilé yòówù tí a ti ń sọ èdè méjì.

Nígbà tí ìyá mi ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa láti Ìbàdàn, wọ́n gbàgbé ìwé kan sórí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló tẹ ìwé náà fún wọn, ó to oògùn wọn àti bí wọ́n ṣe ń lò ó sínú rẹ̀. Nígbà tí a pè é, ó ya fọ́tò ìwé náà, ó sì fi í ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń sọ̀rọ̀ náà ni ó ṣe kọ ọ́: Gẹ̀ẹ́sì á bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, Yorùbá á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì á tún yọjú. Ohun tí ó wà nínú ìpínrọ̀ tí ó kan oògùn ìtọ̀ ṣúgà wọn nìyí:

```
Metformin ER 500 mg: one tablet pẹ̀lú oúnjẹ alẹ́,
once daily. Doctor ní kí ẹ gbé e mì lódindi with
water. Ẹ má lọ̀ ọ́.
```

Hóró kan péré ni, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, pẹ̀lú oúnjẹ alẹ́. Kí wọ́n gbé e mì lódindi, kí wọ́n má lọ̀ ọ́ bí ẹni lọ ata. Ìdí rẹ̀ ni pé a ṣe irú Metformin yìí kí ó máa tú díẹ̀díẹ̀ nínú ara. Bí a bá lọ̀ ọ́, gbogbo rẹ̀ á tú lẹ́ẹ̀kan náà.

Ojú màmá kò ríran dáadáa mọ́, ìlà fọ́tò náà sì kéré. Mo ní kí ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 16, bá mi yọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jáde kí a lè tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà ńlá, kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíríìjì. Èmi lọ sí iṣẹ́ alẹ́. Mo ti sọ fún un pé kó má gbé ìwé oògùn ẹnikẹ́ni sí orí íńtánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà ó lo Tesseract, ètò ọ̀fẹ́ tí ń ka ọ̀rọ̀ inú àwòrán lórí kọ̀ǹpútà ẹni gan-an, láìfi ohunkóhun ránṣẹ́ síta. Ilé-iṣẹ́ Hewlett-Packard ló kọ́kọ́ ṣe é, wọ́n sì tú u sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní 2005. Àṣẹ tí ọmọ náà tẹ̀ kò ju èyí lọ:

```
tesseract oogun.jpg jade
```

Mo dé láàárọ̀, mo bá ìwé ńlá lára fíríìjì. Mo kà á dé ìlà tó gbẹ̀yìn, àyà mi já:

```
Metformin ER 500 mg: one tablet pelu ounje alé,
once daily. Doctor ni ki e gbé e mi lodindi with
water. E ma lo 6.
```

“E ma lo 6.” Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá, tí kò rí ìwé àkọ́kọ́, “Ẹ máa lo mẹ́fà” ni yóò kà. Hóró mẹ́fà jẹ́ mílígíráàmù 3,000, bẹ́ẹ̀ 2,000 ni òpin ohun tí àgbàlagbà sábà ń lò nínú irú oògùn yìí lóòjọ́. Àpọ̀jù Metformin lè mú kí ásíìdì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, èyí sì lè pa èèyàn. Mo jí ọmọ mi, mo bi í ohun tí ó rò pé ìlà náà ń sọ. Ó ní, “Mọ́mì, mo rò pé wọ́n ní kí màmá àgbà lo mẹ́fà ni. Mo ní kí n bi yín kó tó di alẹ́, torí ó ta ko ‘one tablet’ tó wà lókè.” Mo dúpẹ́ pé alẹ́ ni wọ́n ń lo oògùn náà.

A jọ jókòó láti wá ibi tí 6 ti wá. Bí ẹ kò bá sọ èdè fún Tesseract, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi kà. Ẹni tó ń fi ojú Gẹ̀ẹ́sì wo “ọ́” yóò rí ìyípo kan tí ìlà kékeré gùn lé lórí. Nínú gbogbo ohun tí ó mọ̀, 6 ló jọ ọ́ jù. Ní ti àmì tó wà lábẹ́ lẹ́tà, ó kà á sí ìdọ̀tí lórí bébà. Bí “lọ̀” ṣe di “lo” nìyẹn, tí “Ẹ má” sì di “E ma”.

Kódà ká ní 6 kò yọjú, ká ní “E ma lo o” ni ó kọ, ewu ṣì wà níbẹ̀. A lè kà á sí “Ẹ máa lò ó”, pé kí wọ́n máa lo oògùn náà. A lè kà á sí “Ẹ má lò ó”, pé kí wọ́n má fẹnu kàn án. A sì lè kà á sí “Ẹ má lọ̀ ọ́”, èyí tí ẹ̀gbọ́n mi kọ. Ìtọ́ni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú “E ma lo o” kan náà, àmì àti lẹ́tà “a” kan ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ọmọ mi wá fáìlì èdè Yorùbá tí àwọn tó ń ṣe Tesseract ti pèsè, `yor.traineddata`. Ó fi í sínú fódà `tessdata`, ó sì fi `tesseract --list-langs` wò ó bóyá ètò náà ti rí i. Ó kọ́kọ́ fi Yorùbá nìkan kà á. Ẹ̀yà Yorùbá sunwọ̀n sí i, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì wá bàjẹ́: “tablet” di “tablẹt”, “once” di “ọnce”. Ojú Yorùbá náà ń wá àmì síbi tí kò sí. Ìpínrọ̀ tó da èdè méjì pọ̀ kò ṣeé fi ojú kan ṣoṣo kà. Ohun tó yẹ ni kí a fún un ní èdè méjèèjì, kí ó máa yẹ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wò, kí ó mú kíkà tó dá a lójú jù:

```
tesseract oogun.jpg jade -l yor+eng
```

Èdè tí a kọ́kọ́ dárúkọ ni ó ń fi ṣe àkọ́kọ́, nítorí náà a fi Yorùbá ṣáájú, torí àmì Yorùbá ni a ń bẹ̀rù kí ó má sọnù.

Síbẹ̀ kò tíì dára tó, nítorí fọ́tò fúnra rẹ̀ ní àléébù. WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ kí ó lè tètè dé. Àwọn tóótòòtó tó para pọ̀ di àwòrán ni à ń pè ní píksẹ́lì. Nínú ìwé tí a yà dáadáa, tí píksẹ́lì 300 wà nínú ínǹṣì kan, àmì abẹ́ lẹ́tà tó wà ní ìwọ̀n 12 lè ní bíi píksẹ́lì márùn-ún ní ìbú. Bí a bá fún fọ́tò náà pọ̀, ó lè ku ẹyọ kan tàbí méjì, kò sì sí ojú tó lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára eruku mọ́. A ní kí ẹ̀gbọ́n mi tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí ó gbé fóònù sókè gangan láìdá a sí ẹ̀gbẹ́, kí ó sì fi fọ́tò ránṣẹ́ bíi fáìlì ìwé, kì í ṣe bíi fọ́tò, kí WhatsApp má baà fún un. Èyí tó jáde lẹ́yìn ìyẹn nìyí:

```
Metformin ER 500 mg: one tablet pẹ̀lú oúnjẹ alẹ́,
once daily. Doctor ní kí ẹ gbé e mì lódindi with
water. Ẹ má lọ ọ́.
```

Nọ́ńbà 6 ti lọ, àmì abẹ́ lẹ́tà ti padà, Gẹ̀ẹ́sì wà ní ipò rẹ̀. Àmì ohùn kan ṣoṣo ló já, èyí tó wà lórí “lọ̀”. Mo kà á sókè fún màmá bí ó ṣe wà. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Kí n má lọ síbo?” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n etí wọn ló rí àṣìṣe tí ojú wa méjèèjì ti fò kọjá. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ọmọ mi bèèrè bóyá ètò náà lè fúnra rẹ̀ sọ ibi tí kò ti dá a lójú. Ó lè sọ ọ́. Bí a bá fi `tsv` sí ìparí àṣẹ náà, yóò to ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìlà tirẹ̀, yóò sì fún un ní máàkì láti 0 dé 100 lábẹ́ `conf`. Ọ̀rọ̀ tí máàkì rẹ̀ bá kéré, ibẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi fọ́tò àkọ́kọ́ dán an wò pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì nìkan, 6 náà gba máàkì tó ju 80 lọ. Bí ohun tó rí ṣe jọ lẹ́tà tó mọ̀ ni ó ń díwọ̀n, kò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà bá ìlà tó ṣáájú mu. Nítorí náà, máàkì kékeré yẹ kó kì wá nílọ̀, ṣùgbọ́n máàkì ńlá kò yẹ kó fi wá lọ́kàn balẹ̀.

Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, bí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ fún aláìsàn ní oògùn bí ínsúlínì, nọ́ọ̀sì kejì gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tọ̀, láìgbára lé ohun tí ẹni àkọ́kọ́ rí. Òfin yẹn ni mo gbé wálé. Ẹnì kan á di fọ́tò mú, ẹnì kejì á máa ka èyí tí a yọ jáde sókè. A ó fi ìka tọ́ka sí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, kí a sì rí i nínú fọ́tò. Èyí tí kò bá sí níbẹ̀, a ó pa á rẹ́. Gbogbo gbólóhùn tí “má” tàbí “máa” bá wà nínú rẹ̀, a ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo ló wà láàárín kíkọ̀ àti àṣẹ. Ibi tí a bá ti ṣiyèméjì, a ó pe ẹni tó kọ ọ́.

A pe ẹ̀gbọ́n mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní, “Ẹ má lọ̀ ọ́ ni mo kọ o. Ẹ̀yin náà ẹ mọ màmá, bí oògùn bá ti tóbi, ọlọ ni wọ́n máa ń wá.” Ọmọ mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ àmì ohùn náà padà. Ó tẹ ìwé tuntun, ó ka ìlà tó gbẹ̀yìn sókè fún màmá, wọ́n sì mi orí. Ìgbà náà ni a tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíríìjì.