Lùsínà Lójú Ọ̀nà Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́

Ẹni tó bá ń sin ewúrẹ́ ní Ìkòròdú kì í wá ohun tí ẹran máa fi yó tì. Èèpo ẹ̀gẹ́ wà nídìí gbogbo ẹ̀rọ gàrí, èérí wà lọ́dọ̀ àwọn ìyá elẹ́kọ, èèpo iṣu àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn olóúnjẹ. Púrótíìnì ló wọ́n. Èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ kò ní ju nǹkan bíi márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún púrótíìnì lọ. Ẹran tó bá ń jẹ ẹ́ nìkan á yọ ikùn, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ á sì máa hàn. Ẹni tó lówó lọ́wọ́ ń ra kéèkì ẹ̀pà, tàbí hárawà tí àwọn Hausa máa ń kó wá nígbà Iléyá. Ẹni tí kò lówó ń wá ewé kiri. Ọ̀rọ̀ ewé yìí ló mú mi gba ọ̀nà Imota lọ sí Ẹ̀pẹ́, kí n lè fojú ara mi rí bí lùsínà ṣe ń ṣe sí lọ́dọ̀ àwọn tó gbìn ín.

Ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń yan gàrí ni mo kọ́kọ́ yà sí, kò jìn sí Imota. Ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa yìí ló ń sìn, márùn-ún. Lùsínà ni wọ́n fi ṣe apá kan ọgbà tó yí ẹ̀yìnkùlé wọn ká. Ewé rẹ̀ wẹ́wẹ́ bíi ti patanmọ́, òdòdó rẹ̀ funfun, ó sì rí róbótó. Èso rẹ̀ pẹlẹbẹ, ó máa ń so jọ lọ́pọ̀ ní ìdí kan.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá."

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Ṣé igi yìí náà lo wá wò?"

Mo ní òun ni, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ká wọn ewé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń sọ pé lùsínà dára fún ẹran, ṣùgbọ́n ẹni tó máa sọ iye tí ọgbà kan lè bọ́ ṣọ̀wọ́n. A wọn mítà mẹ́wàá lára ọgbà náà, ọmọkùnrin wọn sì fi àdá gé e mọ́ ìwọ̀n ìbàdí. A bó ewé àti ọ̀mùnú ẹ̀ka kúrò lára igi líle, a sì gbé e kọ́ ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àpò gàrí. Kílò méjìlá ni.

Ewúrẹ́ tó bá wọn ogún kílò máa ń jẹ nǹkan bíi gíráàmù 700 oúnjẹ lójúmọ́, tí a bá yọ omi inú rẹ̀ kúrò. Tó bá jẹ́ èèpo ẹ̀gẹ́ nìkan ni gbogbo rẹ̀, gíráàmù 35 púrótíìnì ló máa rí níbẹ̀, ìyẹn kò sì tó láti mú kó dúró síbi tó wà, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé kó dàgbà. Ṣùgbọ́n tí a bá fi gíráàmù 200 ewé lùsínà rọ́pò lára èèpo náà, ewé yìí nìkan máa fún un ní bíi 48, torí púrótíìnì inú rẹ̀ sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin. Tí a bá da ti èèpo tó kù mọ́ ọn, ó lé ní 70. Ìyẹn tó fún ẹran tó ń dàgbà. Omi ló kó ọ̀pọ̀ jù nínú ewé tútù, nítorí náà gíráàmù 200 gbígbẹ yẹn jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 750 ewé tútù.

Ẹran márùn-ún máa nílò kílò mẹ́ta àti díẹ̀ sí mẹ́rin lóòjọ́. Ohun tí a gé lára mítà mẹ́wàá yìí máa tán ní ọjọ́ mẹ́ta. Igi tí a gé sì nílò bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kó tó rúwé dáadáa padà lásìkò òjò. Tí a bá fẹ́ gé e ní ìyípo láìjẹ́ pé ó sú igi, ọgbà náà gbọ́dọ̀ gùn tó nǹkan bí igba mítà. Ti Màmá kò ju ogójì lọ.

"O wá ń sọ pé asán ni gbogbo làálàá mi?"

Kì í ṣe asán rárá. Ewé tó lè bọ́ ewúrẹ́ kan kò yẹ kó di ohun tí a ń pín káàkiri fún márùn-ún tí kò ní hàn lára ìkankan wọn. Ẹni tó yẹ kó jẹ ẹ́ ni ewúrẹ́ tó lóyún. Oṣù márùn-ún ni oyún ewúrẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó kẹ́yìn sì ni ọmọ inú máa ń dàgbà jù. Ewúrẹ́ tí ebi púrótíìnì bá pa nígbà náà á bí ọmọ tí kò lágbára láti dìde mu ọmú, wàrà kò sì ní tó. Àwọn olùwádìí ILCA, ilé ìwádìí ẹran ọ̀sìn fún Áfíríkà, tí wọ́n ṣiṣẹ́ nínú ọgbà IITA ní Ìbàdàn nígbà náà, rí i pé ibi tí ewé yìí ti ń sanwó jù nìyẹn: ọmọ ewúrẹ́ tó ń yè á pọ̀ sí i.

Nínú àwọn ọdún 1970 ni B. T. Kang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IITA bẹ̀rẹ̀ sí gbin lùsínà ní ìlà, mítà mẹ́rin sí ara wọn, tí wọ́n sì ń gbin àgbàdo sáàárín. Ewé tí wọ́n bá gé ni wọ́n ń fi bo ilẹ̀ dípò ajílẹ̀. Àwọn ará ILCA, J. E. Sumberg àti A. N. Atta-Krah wà lára wọn, ló mú ewúrẹ́ àti àgùntàn wọ inú ètò náà, wọ́n sì gbé e lọ sí àwọn abúlé lágbègbè Ọ̀yọ́. Ìmọ̀ràn wọn ni pé kí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ewé náà lọ sínú ilẹ̀, kí ẹran jẹ ìdá kan. Lójú tèmi, ìdá kan yẹn kéré fún ẹni tí kò gbin àgbàdo sáàárín. Ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀ ṣì dúró: ewé tí ẹ kó lọ kò gbọ́dọ̀ lọ láìpadà. Kí ìgbẹ́ ẹran máa padà sí ìdí ọgbà. Màmá máa ń kó tiwọn dà sí ẹ̀gbẹ́ títì tẹ́lẹ̀.

Itoikin ni mo ti rí òdì kejì ọ̀rọ̀ náà. Bàbá kan ń sin àgùntàn níbẹ̀, lùsínà tirẹ̀ sì pọ̀ rẹpẹtẹ. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá, koríko gbẹ tán, lùsínà nìkan ló ṣì tutù, wọ́n bá ń kó o fún ẹran ní àràárọ̀ àti alẹ́ láìfi nǹkan mìíràn kún un. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, irun bẹ̀rẹ̀ sí í já lára àwọn àgùntàn náà, itọ́ ń ṣàn lẹ́nu wọn, oúnjẹ kò sì wù wọ́n mọ́. Àwọn ará ilé ní àrùn awọ ni, wọ́n fi oògùn wẹ̀ wọ́n. Kò san.

Mimosíìnì ni. Oró inú ewé àti èso lùsínà ni, ọ̀mùnú ló sì ní in jù. Ó máa ń dá ìdàgbàsókè irun dúró. Nínú àpòlúkù ẹran, ó tún máa ń yí padà di oró mìíràn tó ń ba ẹṣẹ́ ọ̀nà ọ̀fun jẹ́. Nígbà náà ni ẹran máa yọ gẹ̀gẹ̀, tí aboyún á sì máa bí òkú ọmọ. Ní Hawaii, ewúrẹ́ ń jẹ lùsínà ní àjẹyó láìsí wàhálà. Raymond Jones, olùwádìí ará Australia, fi hàn pé kòkòrò àìfojúrí kan ló wà níkùn wọn tó ń jẹ oró náà run. Wọ́n gbé kòkòrò náà lọ sí Australia ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wọ́n sì fún un ní orúkọ Jones lọ́dún 1992. Àgbẹ̀ tí kò mọ̀ bóyá ẹran tirẹ̀ ní in kò gbọ́dọ̀ fi ẹran dán an wò. Kí lùsínà má ju ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún oúnjẹ lọ. Ẹ sá ewé náà sóòrùn díẹ̀, oró rẹ̀ á dín kù. Ehoro àti ẹlẹ́dẹ̀ kò tilẹ̀ lè gba tó bẹ́ẹ̀. Bàbá yìí kàn dá ewé náà dúró, ó padà sí èèpo ẹ̀gẹ́ àti ewé ọdán, irun sì hù padà.

Bí mo ṣe ń sún mọ́ Ẹ̀pẹ́ ni ilẹ̀ ń di yanrìn sí i. Oko kan tí mo yà sí ti gbin lùsínà láti ọdún tó kọjá, kò sì tíì kọjá orúnkún. Ewé rẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ọ̀dọ́kùnrin tó ni oko náà rò pé èso tí wọ́n tà fún òun kò dára. Mo ní kó hú ọ̀kan kí gbòǹgbò rẹ̀ má já. Gbòǹgbò náà mọ́ láú, kò sí kókó kankan lára rẹ̀. Lùsínà tó bá wà ní àlàáfíà máa ń ní kókó kéékèèké lára gbòǹgbò, inú kókó ọ̀hún á sì pupa díẹ̀ tí a bá là á, torí níbẹ̀ ni àwọn kòkòrò àìfojúrí ti ń fa naitirójìn inú afẹ́fẹ́ fún igi. Ilẹ̀ tó kan kì í jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́, òjò tó ń wẹ yanrìn etí ọ̀sà sì máa ń jẹ́ kó kan. Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú oko náà fúnra rẹ̀: ẹyọ kan tó hù síbi tí wọ́n ti ń da eérú ààrò ti ga ju òrùlé ilé ìdáná lọ.

Ọgbà aládùúgbò rẹ̀ ló dá mi lójú jù. Agúnmánìyẹ̀ ni wọ́n rì síbẹ̀, ó sì yè lórí yanrìn kan náà. Igi yìí fara da ilẹ̀ tó kan ju lùsínà lọ, púrótíìnì inú ewé rẹ̀ kò jìnnà sí ti lùsínà, kò sì ní mimosíìnì. Òórùn rẹ̀ ni àléébù rẹ̀. Ewúrẹ́ tí kò jẹ ẹ́ rí á gbóòórùn rẹ̀, á sì yí ẹ̀yìn sí i. Ẹni tó ni ọgbà náà sọ fún mi pé àwọn máa ń gé e nírọ̀lẹ́, àwọn á jẹ́ kó rọ di ọjọ́ kejì, àwọn á wá fi í lé orí èèpo ẹ̀gẹ́ nígbà tí ebi bá ti ń pa ẹran. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á jẹ ẹ́.

Bí ilẹ̀ yín bá jẹ́ ti Ẹ̀pẹ́, agúnmánìyẹ̀ ni kí ẹ gbìn. Ẹ gé igi rẹ̀ tó ti gbó, kó gùn tó mítà kan, kí ẹ sì rì í ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ bá gba lùsínà, kó da omi gbígbóná lé èso rẹ̀, kó jẹ́ kó wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì, torí èèpo èso náà le. Kó fi iyẹ̀pẹ̀ ìdí lùsínà àgbà kan kún ojú ihò, kó sì dá ewúrẹ́ dúró títí igi á fi ga ju orí wọn lọ. Ẹ máa gé e kó tó so: tó bá ti gbọn èso dànù, á gba oko olóko, ó sì wà lára ọgọ́rùn-ún ohun ẹlẹ́mìí tí àjọ IUCN kà sí olùgbalẹ̀ tó burú jù lágbàáyé. Kí ẹ sì pe dókítà ẹran kó fún àwọn ẹran yín ní abẹ́rẹ́ kátà kí ẹ tó gbin igi kankan, torí kátà kì í bi ẹran léèrè ohun tó jẹ kó tó pa á.