Òkúta Inú Góòlù

Látìgbà tí wọ́n ti mú ọjọ́ yìgì ọmọkùnrin ẹ̀gbọ́n mi ní Ẹdẹ, ọ̀rọ̀ góòlù ìyàwó kò jẹ́ ká gbádùn. Bó bá gbówó lórí, wọ́n á ní ká dúró kó wálẹ̀. Bó bá wálẹ̀, wọ́n á tún ní ká dúró, bóyá á tún wálẹ̀ sí i.

Ohun méjì ló ń ti iye góòlù kiri lọ́dọ̀ wa: iye tí ayé ń tà á ní dọ́là, àti iye náírà tó ń ra dọ́là. Lọ́dún 2023, náírà tó ṣubú ló sọ góòlù di ọ̀wọ́n. Lọ́dún 2025, náírà rọra dúró, góòlù fúnra rẹ̀ ló fò: ó kọjá 3,000 dọ́là lórí áúnsì kan ní oṣù kẹta, ó kọjá 4,000 ní oṣù kẹwàá, ó sì já lulẹ̀ gidi lọ́jọ́ kan ṣoṣo nínú oṣù kẹwàá yẹn náà. Ta ló fẹ́ sọ ibi tí méjèèjì máa gbà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?

Mo bá jókòó ti ìṣirò. Ká ní áúnsì kan, ìyẹn gíráàmù 31.1, jẹ́ 4,000 dọ́là, kí dọ́là kan sì jẹ́ 1,500 náírà. Káráàtì 18, èyí tí wọ́n ń tẹ 750 sí lára, ni wọ́n fẹ́ rà. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ ni góòlù. Gíráàmù kan á tó 145,000 náírà, láìtíì ka owó iṣẹ́ àti èrè. Bí ọjà bá fi ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún yí lọ́sẹ̀ kan, nǹkan bí 43,000 ló máa yàtọ̀ lórí gíráàmù mẹ́wàá.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí màámi. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ ta ẹ̀gbà ọrùn wọn nítorí owó ilé ìwé mi, ẹni tó ń rà á mú ẹ̀mú kékeré, ó ń tú òkúta funfun ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sórí ìwé ìròyìn, kó tó gbé e sórí ìwọ̀n.

"Alàájì, nígbà tí mo rà á, tòun tòkúta la wọ̀n ọ́n."

"Màmá, góòlù là ń rà."

Gíráàmù òkúta kan ṣoṣo, 145,000 náírà nìyẹn, ó ju ìyàtọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ! Sàdáàkì sì rèé, ti ìyàwó ni. Òun ló máa gbé e lọ tà lọ́jọ́ ìṣòro. Mo bá ní kí ẹ̀gbọ́n mi fi kàlẹ́ńdà sílẹ̀. Kí wọ́n wá èyí tí kò lókùúta, kí wọ́n wo 750 lára rẹ̀, kí wọ́n wọ̀n ọ́n lójú wọn, kí wọ́n sì bi ọlọ́jà kó tó gbowó pé: "Bí mo bá gbé e padà wá lónìí, èló lẹ máa rà á?" Ẹni tí iye rẹ̀ bá sún mọ́ iye tó ń tà jù ni kí wọ́n rà lọ́wọ́ rẹ̀. Bówó ò bá pé, kí wọ́n ra gíráàmù tówó ká báyìí, kí wọ́n ra ìyókù bó bá yá. Bó bá sì jẹ́ àsansílẹ̀ ni, kí rìsíìtì gbé gíráàmù, káráàtì àti iye gíráàmù kan.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ìyàwó fẹ́ òkúta tó ń dán nínú fọ́tò. Mo ní kí wọ́n ra yẹtí olókùúta olówó pọ́ọ́kú fún un.