Bí A Ṣe Gbé Ìwé Ọjà Màmá Wọ Kọ̀ǹpútà

Ìyá mi ní ìwé kan nínú ṣọ́ọ̀bù wọn n'Ílọrin tí wọn kì í fi ṣeré. Ohun gbogbo tí wọ́n bá tà, inú rẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí pẹ̀lú bírò: ọjọ́, ọjà, iye owó. Nígbà tí wọ́n fẹ́ yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí wọ́n wà, akọ̀wé ẹgbẹ́ ní òun fẹ́ àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́ta, kì í sì ṣe ìwé tí òróró ti ta sí. Àtẹ tó mọ́ ni ó fẹ́, èyí tí kọ̀ǹpútà lè ṣírò. Iye tó bá wà níbẹ̀ ni wọn yóò fi mọ iye tí wọ́n lè yá Màmá, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ lé, kò sì gbọ́dọ̀ dín.

Ọ̀sán gangan la ya àwọn fọ́tò náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, láìtan iná fóònù, torí iná a máa mú kí ojú ìwé tàn yanran níbì kan. Ojú ìwé kan, fọ́tò kan. Kí a tó yà á, a fi pẹ́ńsùlù kọ nọ́ńbà sí igun rẹ̀. Nọ́ńbà yìí wúlò ju bí ẹ ṣe rò lọ, torí a fún un ní òpó tirẹ̀ nínú àtẹ, ṣáájú ọjọ́, ọjà àti iye owó. Bí ìlà kan bá rú wa lójú, a ti mọ fọ́tò tí a ó ṣí.

Àbúrò mi obìnrin ló tẹ̀ ẹ́, èmi ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Níbi ọjọ́ la ti kọ́kọ́ kọsẹ̀. Màmá kọ 12/4 àti 13/4, oṣù kẹrin ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí a lò ń ka ọjọ́ bí àwọn ará Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń fi oṣù ṣáájú. Ó sọ 12/4 di ọjọ́ kẹrin oṣù Kejìlá. Níti 13/4, kò sí oṣù kẹtàlá, nítorí náà ó fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà mọ̀ a máa sún mọ́ apá ọ̀tún àpótí rẹ̀, ọ̀rọ̀ lásán a máa wà lápá òsì. Èyí tó wà lápá òsì kò léwu púpọ̀, ojú yóò rí i. Èyí tó dákẹ́ sínú Oṣù Kejìlá ló léwu. A wá ń tẹ ọdún ṣáájú, báyìí: 2024-04-12. Kò sí bó ṣe lè ṣì í kà mọ́.

Màmá tún máa ń fa ìlà kékeré méjì sábẹ́ ọjọ́ tí kò bá yí padà. Gbogbo rẹ̀ la kọ jáde ní kíkún, torí ìlà tí kò ní ọjọ́ yóò sọnù bí ẹ bá to àtẹ náà. Níbi owó, nọ́ńbà nìkan la tẹ̀. Bí ẹ bá tẹ lẹ́tà N mọ́ ọn, ó lè di ọ̀rọ̀, àròpọ̀ yóò sì fò ó kọjá láìsọ fún yín.

Oore tí Màmá ṣe wá ni pé wọ́n ń kọ àròpọ̀ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Fún ojú ìwé 14, a tẹ èyí:

```
=SUMIF(A:A,14,D:D)
```

Ó mú 6,590 wá. Ti Màmá jẹ́ 6,500. Àlékún 90 náà ṣeé pín sí 9 láìṣẹ́kù, èyí sì sábà máa ń fi hàn pé nọ́ńbà méjì tó tẹ̀lé ara wọn ti gba ipò ara wọn, tàbí pé òdo kan ti jábọ́ tàbí ti lé. Ìlà márùn-ún ló wà níbẹ̀: mílíìkì 1,200, ṣúgà 850, ọṣẹ 600, ìrẹsì 2,400, búrẹ́dì 1,540. Níwọ̀n bí 90 ti jẹ́ 9 lọ́nà mẹ́wàá, ipò ọgọ́rùn-ún àti ti ẹ̀wá la wò, níbi tí nọ́ńbà méjèèjì ti fi ẹyọ kan ju ara wọn lọ. Búrẹ́dì nìkan ló bá a mu. A ṣí fọ́tò: 1,450 ni Màmá kọ.

Ní ojú ìwé méjì, gbogbo ìlà bá fọ́tò mu, síbẹ̀ àròpọ̀ kò bára mu. Ìṣirò Màmá ló yẹ̀ níbẹ̀. A kò fọwọ́ kan ìlà kankan kí ó lè bá tiwọn mu. A kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, a sì fi hàn wọ́n. Ibi tí a kò ti mọ̀ bóyá 1 ni tàbí 7, a bi wọ́n: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ kọ síbí?" Wọ́n rántí iye tí wọ́n ń ta ọjà náà nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ parí.

Kí a tó fi àtẹ náà ránṣẹ́ sí akọ̀wé, a fi àwọn fọ́tò náà sínú àpò kan náà pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹni tó bá ṣiyèméjì lè ka ìkọ̀wé Màmá fúnra rẹ̀.