Gbèdéke Tó Yí Padà Lóru

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Àwa olóòtú ní Àjàṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ di irú àgbà bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2024. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń bá wa túmọ̀ ìwé láti Lomé fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ ní ọjọ́ 14, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 12 ni gbèdéke tí a rí lójú ìwé iṣẹ́ náà nínú `Redmine`. A bá a wí gidigidi. Ó fi ọ̀wọ̀ dá wa lóhùn pé: "Ẹ̀yin àgbà, ọjọ́ 15 ni mo rí níbẹ̀ nígbà tí mo gba iṣẹ́ náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo àkọsílẹ̀."

Ìsàlẹ̀ ojú ìwé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni àkọsílẹ̀ ọ̀hún wà, lábẹ́ `Historique`. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ní í kọ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá yí nǹkan padà, á kọ orúkọ àkáǹtì rẹ̀, àkókò, ohun tó wà tẹ́lẹ̀ àti ohun tó rọ́pò rẹ̀. Àyípadà mẹ́rin la bá níbẹ̀. Mẹ́ta kò kan gbèdéke rárá. Ìkẹrin ló kàn án:

```
Echéance changé de 15/03/2024 à 12/03/2024
```

Ta ló ṣe é, nígbà wo? `il y a 6 jours` nìkan ni ẹ̀rọ kọ́kọ́ sọ, èyí kò sì tó dá ẹjọ́. A gbé ìtọ́ka lé ọ̀rọ̀ náà, wákàtí gan-an sì yọ: `13/03/2024 00:40`. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ wa rí ní Lomé ni `12/03/2024 23:40`. Kò sẹ́ni tó purọ́. Aago Benin fi wákàtí kan ṣáájú ti Togo, ẹ̀rọ sì ń fi àkókò han oníkálukú gẹ́gẹ́ bí agbègbè tó yàn nínú `Mon compte`. Ìṣẹ́jú kan náà ni. Ní Lomé, ogún ìṣẹ́jú péré ló kù kí ọjọ́ 12 parí. Ní Àjàṣẹ́, ọjọ́ náà ti kọjá. Ọ̀nà yòówù kí a gbà kà á, kò sí bí ọmọ náà ṣe lè bá gbèdéke tuntun yìí.

Orúkọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyípadà náà ló dójú tì wá: `Comité Rédaction`, àkáǹtì tí àwa mẹ́ta jọ ń lò. Àkọsílẹ̀ mọ àkáǹtì. Kò mọ ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́. Kò sì mọ ìdí, nítorí ẹni tó yí ọjọ́ padà kò kọ àlàyé kankan sí i. Títí di òní, kò sẹ́nì kan nínú wa tó rántí pé òun ni.

A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà. A dá gbèdéke padà sí ọjọ́ 15, a sì kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀. Láti ìgbà náà, oníkálukú wa ló ní àkáǹtì tirẹ̀.