Ìsìnkú Bàbá Ọdẹ ní Àṣèjìrè

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti Èkó wá sin bàbá rẹ̀ ní Àṣèjìrè, lẹ́bàá odò Ọ̀ṣun. Ọdẹ ni bàbá náà. Ẹgbẹ́ ọdẹ ní dandan ni káwọn ṣe ìṣípà: wọ́n á kó aṣọ àti irinṣẹ́ òkú jọ, wọ́n á sun ìrèmọ̀jé, wọ́n á gbé ìpà náà wọgbó lóru, kí òkú má baà dààmú àwọn ọdẹ tó kù. Wọ́n ní kí ọmọ òkú ra ohun ẹbọ.

Ó bi wá pé, "Dádì, kí ni kí n ṣe?" A ní kó ya ọ̀wọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìbọ. Èyí tó jẹ́ ti alààyè, kó ṣe é: kó dọ̀bálẹ̀ fún olórí ọdẹ, kó fún wọn lóúnjẹ, kó kó irinṣẹ́ bàbá lé wọn lọ́wọ́. Èyí tó jẹ́ ti òkú, kó má fowó sí i. Ẹ ka Deutaronomi 26:14.

Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ọdẹ ṣe tiwọn lóru. Kò bá wọn lọ, kò sì dí wọn lọ́wọ́. Àmọ́ àbúrò bàbá rẹ̀ ò jẹun níbi òkú náà, kò sì gbé ìpè rẹ̀ títí dòní. Gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè ló ṣì ń pè é. Ẹ bá wa gbàdúrà fún wọn.