Ojú l'Ọ̀rọ̀ Wà: Bí A Ṣe Sọ Ìwé Ìkéde Di Ọ̀rọ̀ Ẹnu

Ní ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ní Àjàṣẹ́ a máa kó ìkéde ọ̀sẹ̀ jọ sí ojú ìwé kan ní èdè Faransé, a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri gbọ̀ngán. Àwọn àgbà kì í dúró kà á. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ ní Kútọnu kì í sì í rí i rárá. Ìdí nìyí tí a fi pinnu pé kí a máa sọ ìkéde náà di fídíò kékeré ní èdè Yorùbá, kí a sì máa fi ránṣẹ́ sórí tẹlifóònù gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta.

A rò pé kíkà nìkan ni iṣẹ́ náà. A fa ìwé lé ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ́wọ́, a ní kí ó máa rẹ́rìn-ín músẹ́, kí ó má ṣe sọ̀rọ̀ bí ìwé ìjọba. Ìkéde mẹ́sàn-án ni ó kà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin. Inú wa dùn sí i ní alẹ́ ọjọ́ náà. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ojú ti tì wá lẹ́ẹ̀mejì.

Ìtìjú kìn-ín-ní jẹ́ ti ọjọ́ ìpàdé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìpàdé, ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ lè dùn létí, a ti yọ orúkọ ọjọ́ náà kúrò, a fi “ní ọjọ́ mẹ́ta òní” rọ́pò rẹ̀. A gbàgbé pé bí àwọn bàbá wa bá ń ka ọjọ́, wọ́n a máa ka òní mọ́ ọn. Òní ni ọ̀kan, ọ̀la ni èjì, ọ̀túnla ni ẹ̀ta. Àwọn àgbà tí wọ́n wo fídíò ní ọjọ́ Àbámẹ́ta wá ní ọjọ́ Ajé, wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n wò ó ní ọjọ́ Àìkú, tí wọ́n sì ka ọjọ́ bí wọ́n ti kọ́ wọn ní ilé-ẹ̀kọ́, wá ní Ọjọ́rú. Àwọn àgbà kò ṣì í kà, àwọn ọ̀dọ́ náà kò ṣì í kà. Àwa ni a ṣì í sọ.

Ìtìjú kejì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ṣaláìsí ní Kétu. Nínú ìwé akọ̀wé, ìkéde ìgbéyàwó ni ó ṣáájú ikú rẹ̀. Ẹ̀rín ìgbéyàwó kò tíì kúrò lójú ọmọbìnrin wa nígbà tí ó ní ọ̀dọ́mọkùnrin náà “papòdà”. Àgbà tí ó gbó tí ó tọ́ ni a ń lo ọ̀rọ̀ yẹn fún. Ìyá olóògbé wo fídíò náà. Ìyá àgbà kan láti ilé wọn pè wá, ó ní: “Ẹ̀yin ọmọ mi, mo mọ̀ pé ẹ kò ní i lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ojú l'ọ̀rọ̀ wà, ojú tí a sì rí kò jọ ojú ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.” A lọ sí Kétu, a kúnlẹ̀, a tọrọ àforíjì. Láti ọjọ́ náà ni a ti mọ̀ pé ẹ̀rín nìkan kọ́ ni ọ̀yàyà. Ẹni tí ó bá ń ro ti ẹni tí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ ni ọlọ́yàyà.

Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é nísinsìnyí nìyí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, a ó bi ìkéde kọ̀ọ̀kan léèrè pé: “Ta ni yóò dìde ṣe nǹkan kan nítorí rẹ, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí?” Èyí tí kò bá rí ìdáhùn, bí ìdúpẹ́ tàbí àkọsílẹ̀ ìpàdé tí ó kọjá, yóò dúró sí ara ògiri. Nínú mẹ́sàn-án, mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ó máa ń kù.

Lẹ́yìn èyí ni a ó tún ọ̀rọ̀ kọ fún etí. Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀sẹ̀ kan wò. Ohun tí akọ̀wé kọ kò ju báyìí lọ: ìpàdé oṣù, Àbámẹ́ta 14, 15h30, gbọ̀ngán, owó oṣù, 2.000 F, iṣẹ́ ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, Àìkú 15, 7h. Ojú ka èyí tán ní wéré, ṣùgbọ́n kò sí ìyá wa kan tí ó ń sọ pé “aago mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àbọ̀”. Ohun tí ọmọbìnrin wa sọ nìyí:

“Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, a kí yín o. Ọ̀rọ̀ méjì ni a mú wá. Èkíní kan gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Ìpàdé oṣù yìí bọ́ sí ọjọ́ Àbámẹ́ta tí í ṣe ọjọ́ kẹrìnlá oṣù, ní aago mẹ́ta àbọ̀ ọ̀sán, nínú gbọ̀ngán wa. Ẹni tí kò bá tíì san owó oṣù, kí ó jọ̀wọ́ mú ẹgbẹ̀rún méjì sẹ́fà dání. Mo tún un wí: Àbámẹ́ta, aago mẹ́ta àbọ̀ ọ̀sán. Èkejì kan ẹ̀yin òbí. Ní ọjọ́ kejì ìpàdé, ọjọ́ Àìkú, ní aago méje òwúrọ̀, a ó ro ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó ní ọkọ́, kí ó mú un wá. Ẹni tí ó ní àdá, kí ó mú un wá. Ó dìgbà o.”

Ẹ kíyè sí i pé a kọ́kọ́ dárúkọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, kí ó lè tẹ́tí, kí a tó dá ọjọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a sì ń sọ ọjọ́ àti wákàtí tí ó ṣe pàtàkì jù, nítorí pé etí kò lè padà sẹ́yìn bí ojú. A kì í sọ “lọ́la”, a kì í sọ “ọ̀túnla”, nítorí a kò mọ ọjọ́ tí olúkúlùkù yóò wo fídíò.

Àmì ohùn ni a ń fi kọ ọ̀rọ̀ olùsọ̀rọ̀. Ní ìgbà kan tí a kò fi í sí i, “ọkọ́” di “ọkọ̀” lẹ́nu rẹ̀, bàbá kan sì bi wá léèrè ohun tí ọkọ̀ fẹ́ ṣe nínú igbó. Kí a tó gba ohùn àti àwòrán sílẹ̀, olùsọ̀rọ̀ yóò kà á sókè bí ẹni ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, aago yóò sì máa ka ìṣẹ́jú. Bí ó bá ju ìṣẹ́jú kan àbọ̀ lọ, a kì í ní kí ó yára. Ìkéde kan ni a ń yọ. Lẹ́yìn náà ni a ó pe àgbà kan tí kò rí ìwé náà rí, a ó ní kí ó tún ohun tí ó gbọ́ sọ fún wa. Bí kò bá rántí ọjọ́, ẹ̀bi wa ni, a ó tún un kọ.

Ní ti ikú, a kì í kéde rẹ̀ kí ẹbí tó túfọ̀, kí wọ́n sì fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ. Fídíò tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni a ń ṣe fún un, láìsí orin. Ẹbí ni ó ń sọ fún wa bóyá “papòdà” tàbí “ṣaláìsí” ni kí a wí. Nígbà mìíràn wọ́n a ní kí a má sọ ohunkóhun, pé ẹsẹ̀ ni àwọn yóò fi rìn láti ilé dé ilé. Ní ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀, a ó kéde ìpàdé àti iṣẹ́ ọ̀nà, a ó sì dákẹ́ lórí ìyókù.