Ìgbéyàwó Tó Dàrú: Bí Mo Ṣe Ń To Ìtàn Mi

Tí wọ́n bá ní kí ẹnikẹ́ni nínú kíláàsì wa kọ ìtàn apanilẹ́rìn-ín nípa ìgbéyàwó tó dàrú, á kọ ọ́ pé òjò rọ̀, jẹnẹrétọ̀ kú, kéèkì wó. Gbogbo ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ ní Bàríga lọ́jọ́ Sátidé kan ṣoṣo lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òjò kọ́ ló pa jẹnẹrétọ̀, jẹnẹrétọ̀ kọ́ ló sì ti kéèkì ṣubú. Ẹni tó ń kà á máa rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, tó bá fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹta, á ti máa wo aago.

Nínú ìtàn tèmi, mo máa ń wò ó bóyá "nítorí náà" lè wọ àárín wàhálà kan àti èkejì. Tó bá jẹ́ "lẹ́yìn náà" nìkan ló wọ̀ ọ́, mo máa ń pa wàhálà yẹn rẹ́.

Wàhálà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ kéré. Ṣómólú ni mo ti rí tèmi, níbi tí wọ́n ti ń tẹ káàdì ìgbéyàwó ní gbogbo ọ̀nà. Ìdí iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni bàbá mi wà, mi ò sì fẹ́ kí ẹ̀rín lọ sórí àwọn tó ń tẹ̀wé. Kí wọ́n tó ṣe pléètì, wọ́n máa ń fi iṣẹ́ han oníbàárà kó kà á. Tó bá ti fọwọ́ sí i, àṣìṣe tó bá wà lórí pléètì máa wà lórí gbogbo ẹ̀dà. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n ọkọ ìyàwó ni mo fi ṣe ẹlẹ́bi. Fọ́tò tiẹ̀ tó wà ní ìsàlẹ̀ káàdì nìkan ló wò lórí fóònù, ó ní "ó dáa." Ojúlé 17 ti di ojúlé 71. Káàdì 300!

Ẹ máa bi mí pé, ṣé ọkọ ìyàwó ò mọ ilé àna ẹ̀ ni? Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Àwọn bàbá àti ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ tó ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Igbó ni kò mọ̀ ọ́n, ọ̀dọ̀ wọn sì ni ẹrù ìyàwó wà, pẹ̀lú iṣu 42. Ojú ti bọ̀dá yìí láti sọ fún ẹnikẹ́ni, ló bá ń pe àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan ní bòókẹ́lẹ́. Kò rí àwọn ará Ìjẹ̀bú bá sọ̀rọ̀.

Nínú fíìmù The Wedding Party tí Kẹ́mi Adétiba darí ní 2016, ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an ni ìtàn dá lé. Ìyẹn ni mo mú níbẹ̀. Tí mo bá fún àwọn èèyàn mi ní ọjọ́ méjì, wọ́n á kàn tẹ káàdì mìíràn ni.

Ní ojúlé 71, ìdána mìíràn ń lọ lọ́wọ́. Alága ìjókòó tibẹ̀ ti ń retí àna tó pẹ́. Ó rí àwọn àgbà pẹ̀lú aṣọ ẹbí àti iṣu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ó gba owó ìwọlé, ó gba owó pé wọ́n pẹ́, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ní ojúlé 17, ọkọ ìyàwó dúró láìní bàbá, láìní iṣu. Nítorí náà bọ̀dá sáré lọ kó wọn wá. Bó ṣe wọlé báyìí, alága pariwo pé, "Ọkọ ti dé!" Wọ́n fi í sórí àga. Ẹni tó fẹ́ràn fọ́tò ara ẹ̀ ni gbogbo fóònù ń yà báyìí, ìyàwó tí kò mọ̀ rí ti ń jáde bọ̀ pẹ̀lú ìbòjú, bẹ́ẹ̀ ni àna gidi ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì.

Mo ń ka iye èèyàn tó mọ̀ sí ọ̀rọ̀ náà: ẹnì kan, lẹ́yìn náà ìdílé kan, báyìí àdúgbò pátá. Tó ti dé àdúgbò, kò síbi tó tún lè ga dé mọ́, àfi kí n já a wálẹ̀ sí nǹkan kékeré.

Ìyá ìyàwó ni mo fi parí ẹ̀. Ọdún méjì ló fi dá àjọ nítorí ọjọ́ yìí, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í rẹ́rìn-ín. Ó so gèlè ẹ̀ le, ó gba àárín kánópì ojúlé 71 kọjá láìkí ẹnikẹ́ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka iṣu ẹ̀. Mọ́kànlélógójì. Ó tún un kà. Láti ẹ̀yìnkùlé, ó ń gbọ́ ìró odó.